Ọ̀nà Èkó Tó Gba Ilé Làdíátù Kọjá

Ogún ọdún ni mo ti fi ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe, ohun tí iṣẹ́ náà sì fi kọ́ mi ni pé kò sí ẹni tó máa ń fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n yí padà, wọ́n á ní àwọn ò yí nǹkan kan padà. Íntánẹ́ẹ̀tì kàn jí lọ́jọ́ kan ni, ó sì pinnu pé òun ò ní sáré mọ́. Nítorí náà, èmi Olúrótìmí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ títí n ó fi fojú ara mi rí i. Ìyàwó mi ní ìwà burúkú ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà yẹn náà ló ń bọ́ wa.

Òkè ilé wa ní Sharpstown, ní ìlú Houston, ni Làdíátù ń gbé. Ọdún keje rèé tí òun àti Adnan ọkọ rẹ̀ ti dé láti Abẹ́òkúta. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ó ń gbé wọn sókè, ó ń gbé wọn sílẹ̀, títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún bíi pé òun náà ti darúgbó. Ó ń ti ibẹ̀ lọ kàwé, ìwé yẹn ló sì gbé e dé ilé iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà kan ní àdúgbò Energy Corridor nínú ìlú kan náà. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni kó máa gba àwòrán páìpù àti tánkì àwọn ilé iṣẹ́ kẹ́míkà tó wà ní Deer Park, kó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kó rí i dájú pé èyí tó dé kẹ́yìn ni, kó sì tò ó sí ibi ìpamọ́ ilé iṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá mú àwòrán tó ti gbó lọ gé páìpù, ẹ̀mí lè lọ sí i. Làdíátù mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Deer Park níbi tí wọ́n ti ń gé páìpù náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń ka nọ́ńbà kan. Bí ó bá fẹ́ fún ẹ ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀ pàápàá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni.

Nígbà tó bí Juwairiyyah, ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ gbà fún un pé kó máa ṣiṣẹ́ láti ilé títí ọmọ yóò fi pé ọdún kan. Wọ́n fún un ní kọ̀ǹpútà àti VPN, ìyẹn ọ̀nà abẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì, tó ń ti ilé òṣìṣẹ́ lọ tààrà sí ọ́fíìsì. Òfin kan ṣoṣo ló tẹ̀lé e: kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ náà láti òkè òkun, nítorí pé àwòrán àwọn ilé iṣẹ́ kẹ́míkà yẹn kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní Amẹ́ríkà. Ó fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tó bá rú òfin náà yóò máa lọ sílé ni.

Ìyá ọkọ rẹ̀ wá láti Abẹ́òkúta láti bá a tọ́jú ọmọ. Àlhájà Shakirat kì í ṣe ènìyàn líle, àárò ilé kàn ń sọ ọ́ gidigidi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló fi ń béèrè iye ọjọ́ tó kù kí òun padà sílé. Ó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á máa wo àwọn ọkọ̀ tó ń sáré lórí freeway, á sì sọ pé nínú gbogbo wọn kò sí ẹyọ kan tó ń lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹlòmíràn tó ń bá wọn gbé ilé náà ni Rahmon, àbúrò Adnan, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tó ń tún fóònù ṣe ní mall kan létí Southwest Freeway.

Ọ̀sẹ̀ kẹta kí n tó dá sí i ni iṣẹ́ Làdíátù bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ó máa ń rí ìméèlì gbà, ó máa ń rí ọ̀rọ̀ kéékèèké fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fẹ́ fi àwòrán sọwọ́, kọ̀ǹpútà á dúró gbagidi. Ó pe àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní ẹrù rẹ̀ tóbi ju ọ̀nà lọ, wọ́n dín ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní MTU kù láti 1400 sí 1250, àwòrán sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìdì àwòrán tó yẹ kó gbà á ní ìṣẹ́jú kan péré wá ń gbà á ní ogójì ìṣẹ́jú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn ọ̀gá rẹ̀, Olivia, yí padà. Ó pè é lórí fídíò lọ́jọ́ Tuesday, ó kí i dáadáa, ó wá bi í pé aago mélòó ló lù lọ́dọ̀ rẹ̀. Làdíátù rò pé àwàdà ni. Ó ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lọ́dọ̀ Olivia náà. Olivia kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó ṣí aṣọ fèrèsé kí òun rí ìta. Ọmọ ń sùn nínú yàrá náà, nítorí náà Làdíátù ní òun ò lè ṣí i. Lẹ́yìn rẹ̀, Àlhájà ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní Yorùbá, tẹlifíṣọ̀n ń ka Kùránì, ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní rò ó sí Houston. Olivia ní kó wá sí ọ́fíìsì ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Friday, fúnra rẹ̀, láìsí àwáwí.

Ọ̀sán Wednesday ló wá kan ilẹ̀kùn wa.

“Bọ̀dá Rótìmí, ẹ jọ̀ọ́, network yìí fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi,” ló wí. “Wọ́n rò pé mi ò sí ní America. Friday ni wọ́n máa lé mi.”

“Kí lo yí padà?” ni mo bi í.

“Mi ò yí nǹkan kan padà.”

Mo mí kanlẹ̀. Mo bá a gòkè lọ. Àlhájà wà ní pálọ̀, Juwairiyyah wà lẹ́yìn rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn. Mo kí wọn, wọ́n ṣàdúrà fún mi, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà.

Rahmon ni mo kọ́kọ́ fura sí, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Mo mọ àwọn ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe. Wọ́n á máa fa fíìmù wọlé lọ́sàn-án lóru, wọ́n á gba gbogbo ojú ọ̀nà, wọ́n á sì máa fi ojú aláìmọwọ́mẹsẹ̀ wò ẹ́.

“Ìwọ náà fura sí i, àbí?” ni mo bi Làdíátù.

Ó wo ọ̀nà pálọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Akọ̀wé nìkan ló mọ password rúútà. Mo ń fura sí i látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀.”

“O ti bi í?”

“Bọ̀dá Rótìmí, báwo ni mo ṣe fẹ́ bi í?”

Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Rahmon kéré sí Làdíátù ní ọdún mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé, nítorí náà ọkọ ni fún un. Akọ̀wé ló ń pè é, kò pe orúkọ rẹ̀ rí, ẹ ló sì ń fi bá a sọ̀rọ̀. Pé kó wá dúró níwájú ìyá ọkọ, kó máa bi àbúrò ọkọ pé kí ló fi rúútà, àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ilé, ṣe, ẹ̀sùn nìyẹn ní ojú ẹni tó bá kọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa. Inú rẹ̀ ló ti ń bá a jà. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé òun ti ń ka iye wákàtí tó ń lò nínú yàrá rẹ̀, pé òun ti yọ́ wo fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pé òun tiẹ̀ ti bẹ Adnan kó wá ilé míì fún un láìsọ ìdí.

Mo ní kó pa ohun gbogbo. Rahmon kò kúkú sí nílé. A pa tẹlifíṣọ̀n, a pa fóònù Àlhájà, kọ̀ǹpútà rẹ̀ nìkan ló kù. Ó ṣì ń fà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń gba ojú ọ̀nà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dùn mí díẹ̀, torí pé mo ti ní ìdájọ́ lọ́wọ́ kí n tó jókòó.

Mo wá so kọ̀ǹpútà náà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì fóònù mi, mo ní kó fi ìdì àwòrán kan ránṣẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí ó fi lọ. Kọ̀ǹpútà kò jẹ̀bi, ọ́fíìsì kò jẹ̀bi. Inú ilé yìí ni ọ̀dáràn wà.

Mo dá a padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé, mo ní kó ké sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kó sì sọ àsìkò tí ìdáhùn gbà kó tó padà. Láti Sharpstown sí Energy Corridor kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ nínú ọkọ̀ bí freeway bá gbà. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ẹgbẹ̀rún ọ̀nà, ìdáhùn kò yẹ kó lò ju ogójì lọ nínú rẹ̀. Lórí fóònù mi, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló lò. Lórí ti ilé, irínwó ó lé méjìlá. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò yàtọ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì tó kàn ṣàárẹ̀ kì í ṣe déédéé báyìí. Ẹrù yìí ń rin ìrìn àjò ni. Ó ń sọdá òkun lọ, ó sì ń sọdá òkun bọ̀, kó tó dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò.

Mo wá wọn ẹrù náà. Ìdì kọ̀ọ̀kan tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé lásán ń gbà máa ń tó 1500, bí ó ti tóbi tó ni wọ́n ń pè ní MTU. Mo ju odindi ránṣẹ́ pẹ̀lú àṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gé e. Kò dé. Mo ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, nígbà tó di 1400 ló tó kọjá. Ìyẹn ni pé nǹkan kan wà ní ojú ọ̀nà tó ń fi àpò tirẹ̀ wé gbogbo ẹrù ilé yìí, tí àpò náà sì ń jẹ àyè. VPN ọ́fíìsì náà ní àpò tirẹ̀. Nígbà tí ó di àpò nínú àpò, èyí tó tóbi kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé mọ́, wọ́n ń dà á nù, kò sì sí ẹni tó ń padà wá sọ. Ìdí nìyẹn tí ìméèlì fi ń lọ tí àwòrán ò lọ. Àwọn ará ọ́fíìsì dín ìwọ̀n kù, ẹrù kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ pé kí ló fún ọ̀nà náà pọ̀.

Mo tún wo ìlànà tí VPN wọn fi ń rìn, tí wọ́n ń pè ní prótókọ́ọ̀lù. UDP ló yẹ kó máa lò, ìyẹn èyí tó ń ju ẹrù tó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ó ti sá lọ sórí TCP, èyí tó ń dúró gba ìwé ẹ̀rí fún gbogbo ẹrù tó bá fi sílẹ̀, tí ó sì máa ń tún un fi ránṣẹ́ bí ẹ̀rí bá pẹ́. Ní ọ̀nà kúkúrú, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ní ọ̀nà tó gba irínwó, tí ẹrù sì ń ṣubú lójú ọ̀nà, ìjìyà ni.

“VPN méjì ló wà nínú ilé yìí,” ni mo wí.

“Ẹyọ kan ni wọ́n fún mi.”

Mo ṣí ojú ewé tí wọ́n fi ń wọn ìyára. Làdíátù ní òun ti ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹta, méjìdínlógójì ló ń gbé wá, ó sì tó. Òótọ́ ni, méjìdínlógójì ló gbé wá. Ṣùgbọ́n ojú ewé yẹn máa ń wá ibi tó sún mọ́ ẹ jù lọ láti fi wọn ìyára rẹ, ó sì máa ń kọ orúkọ ìlú náà sí ìsàlẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Ẹni tó ń ka nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mẹta kò ka ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo fi ìka hàn án.

Lagos.

Ó jókòó. Mo wò ó, ojú burúkú ni mo fi wò ó, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ó ṣe mí bíi pé ó mọ̀ nípa rẹ̀. Bóyá ó tiẹ̀ ti ń ronú àtirìnrìn àjò, ó ń dán an wò. Mo bi í tààrà pé ṣé òun kọ́ ló ṣe é. Omi lé ròrò sí i lójú.

“Bọ̀dá Rótìmí, ẹ̀yin náà?” ló wí. “Ilé tí ẹ jókòó sí yìí, ẹ mọ̀ pé Houston ni, ẹ tún ń bi mí.”

Ojú tì mí. Mo gbé fóònù, mo pe Rahmon. Èmi kì í ṣe ìyàwó ilé wọn.

“Rahmon, rúútà ilé yín ń gba Èkó. Ṣé ìwọ lo ṣe é?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ló wí, láìṣe wàhálà kankan. “Èmi ni mo set ẹ̀. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ṣé ó ti já ni?”

Mo ní kó ṣàlàyé. Ó ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Abẹ́òkúta ló ń gbé àsáláátù mọ́ṣáláṣí Màámi jáde ní ọjọ́ Sunday, kì í sì í ṣí fún ẹni tó bá wà ní òkè òkun. Màámi ń sunkún. Àpótí tẹlifíṣọ̀n wọn kò gba VPN, nítorí náà ó fi í sórí rúútà, kí gbogbo ilé máa jáde láti Èkó. Ó mú TCP torí pé kì í já.

“Kí ló dé tí o ò sọ fún ìyàwó yín?”

“Kò bi mí, sà. Mo ṣàkíyèsí pé kò dá mi lóhùn dáadáa mọ́. Mo rò pé ó ti sú u pé mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Mo ti ń wá ibòmíì.”

Fóònù náà ń sọ̀rọ̀ síta, gbogbo wa la gbọ́. Làdíátù bo ojú. Àlhájà ti dìde, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

“Ṣé àsáláátù mi ló ń ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́?” ló bi mí. “Ẹ yọ ọ́. Ẹ yọ ọ́ báyìí. N ó fara dà á.”

Mo rántí nígbà náà pé ọ̀sẹ̀ tí Àlhájà dákẹ́ ẹkún ni iṣẹ́ Làdíátù bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Gbogbo ilé ló rí ọ̀kan, gbogbo ilé ló rí èkejì, kò sí ẹni tó tò wọ́n pọ̀.

Rahmon dé ní aago mẹ́rin. Mo jókòó tì í títí ó fi tún un ṣe. Àpótí tẹlifíṣọ̀n Àlhájà nìkan ni a fi sílẹ̀ kó máa gba Èkó, lórí UDP báyìí, gbogbo ohun tó kù ń jáde tààrà láti Houston. Mo wọn ẹrù, 1500 kọjá láìfarapa. Mo ké sí ọ́fíìsì, ìdáhùn padà ní mẹ́rìnlá. Ìdì àwòrán tó gba ogójì ìṣẹ́jú ní àárọ̀ lọ kí Làdíátù tó fi omi sẹ́nu. Mo tẹ gbogbo ìwọ̀n náà sórí ìwé, ti tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí, mo fi orúkọ mi sí i. Ṣùgbọ́n mo sọ òótọ́ fún un pé ìwé kò lè pa ohun tí ọ́fíìsì ti rí rẹ́. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń wọlé láti Èkó lójú wọn.

Láàárọ̀ Friday, ó kúrò nílé ní aago mẹ́fà ààbọ̀, nítorí kò fọkàn tán òpópónà I-10. Àlhájà bá a lọ, ó ní ẹnu òun ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ. Ohun tí Làdíátù sọ fún mi lẹ́yìn náà ni pé ìjókòó àlejò ni àwọn wà, òun, Àlhájà àti ọmọ, nígbà tí Olivia wọlé láti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ó rí wọn, ó dúró, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “O wà níbí.” Kò kí i. Làdíátù ní òun mọ̀ níbẹ̀ pé Olivia kò retí pé òun yóò lè wá.

Ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ka ìwé mi. Ó ní òótọ́ ni, pé inú àpò ọ́fíìsì tí wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ tì ni àwòrán náà wà nígbà tó fi gba Èkó, kò sí ẹni tó lè ṣí i. Olivia tọrọ gáfárà. Kò lé e. Ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ láti ilé ti parí. Bẹ̀rẹ̀ láti Monday, ọ́fíìsì ni, ọjọ́ márùn-ún, bíi ti gbogbo ènìyàn.

Daycare tó sún mọ́ wọn, ibi tí wọ́n ti ń bá àwọn òṣìṣẹ́ tọ́jú ọmọ, sọ pé àyè kò ní ṣí títí di ọdún tó ń bọ̀. Ọjọ́ méjìlá ló kù kí Àlhájà padà sílé. Wọ́n jókòó ní pálọ̀ ní ọjọ́ Saturday, wọ́n pe èmi náà, kí a jọ ronú ẹni tó máa tọ́jú ọmọ. Làdíátù ló yíjú sí Rahmon, tó ti di báàgì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

“Akọ̀wé,” ló wí, “ṣé nítorí mi lẹ fi ń lọ?”

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi í láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Rahmon wolẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Mo fura sí yín,” ni Làdíátù wí. “Mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú. Ẹ má lọ.”

Rahmon gbé báàgì náà padà sí yàrá. Àlhájà tún ọmọ pọ̀n. Ó ní kí Adnan lọ bá òun yí ọjọ́ ìwé ọkọ̀ òfurufú náà padà, kó sún un títí àyè yóò fi ṣí ní daycare. Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń ka ọjọ́ ṣáájú àsìkò yẹn. Ó wá yíjú sí mi.

“Rótìmí, ọ̀nà Èkó tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún mi yẹn, ṣé ó ṣì ṣí? Bó bá ṣí, mo lè dúró.”

Rahmon dáhùn láti inú yàrá pé ó ṣí. Mo dìde, mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi.